Rísẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó: bí a ṣe ń palẹ̀ fóònù mọ́ kó tó di ti ẹlòmíràn

Ẹnì kan ta fóònù rẹ̀, ó sì ti pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ kó tó gbé e fún oníbàárà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, oníbàárà pè é pé fóònù ò ṣí, pé ó ń béèrè ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù tí òun ò mọ̀. Ẹni tó tà á ní òun ti ṣe rísẹ́ẹ̀tì, òótọ́ ló sì sọ. Ẹni tó rà á ní fóònù náà wà ní títì, òótọ́ lòun náà sọ. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn ni pé rísẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí jíjáde kúrò nínú àkáǹtì Google tàbí ti Apple tó wà lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ọ̀kan bá ti ṣẹlẹ̀, èkejì ti bá a lọ nìyẹn.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà ńlẹ̀ kí fóònù tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ ó jáde kúrò nínú gbogbo àkáǹtì, ẹ ó wá ṣe rísẹ́ẹ̀tì. Ètò yẹn ò ṣeé yí padà. Bí ẹ bá jáde nínú àkáǹtì kí ẹ̀dà ìpamọ́ tó parí, ẹ̀dà náà á dúró sójú kan. Bí ẹ bá sì rísẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde, àfàìmọ̀ kí fóònù má ti ara rẹ̀ mọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó.

Ìdí tí fóònù fi ń béèrè ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀

Ní ọdún 2013, nígbà tí iOS 7 jáde, Apple fi àbò kan sínú iPhone tí wọ́n pè ní Activation Lock. Nígbà tó di ọdún 2015, Google fi irú rẹ̀ sínú Android 5.1, wọ́n pè é ní Factory Reset Protection. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá jí fóònù kàn máa rísẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni, fóònù á di tuntun, á sì rí i tà. Àbò yìí ló jẹ́ kí fóònù máa rántí ẹni tó ni ín, kódà lẹ́yìn tí gbogbo ohun inú rẹ̀ bá ti pa rẹ́. Ṣùgbọ́n fóònù ò mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á. Àmì tó ń wò ni pé ẹni tó ni ín ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò.

Ibi tí fóònù ń tọ́jú ìrántí yìí sí ṣe pàtàkì, torí òun ló máa sọ ohun tí ẹ lè ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́. Lórí Android, apá kékeré kan wà nínú ibi tí fóònù ń kó nǹkan sí tí rísẹ́ẹ̀tì kì í fọwọ́ kàn. Ibẹ̀ ni àmì àkáǹtì yín wà. Rísẹ́ẹ̀tì á gbá gbogbo ilé, àmọ́ kò ní wọ yàrá yẹn. Ti iPhone yàtọ̀: ọ̀dọ̀ Apple fúnra wọn ni àkọsílẹ̀ náà wà. Bí ẹni tuntun bá ń to fóònù, fóònù á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà Apple bóyá ẹnì kan ṣì ni òun. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó parí.

Lórí Android, ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe rísẹ́ẹ̀tì náà tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ṣe é láti inú Settings, fóònù á kọ́kọ́ béèrè píìnì tàbí àmì tí ẹ fi ń ṣí i. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀rí fún un pé ẹni tó ni ín ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ fóònù á sì jọ̀wọ́ ara wọn. Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn èèyàn máa ń gbà: wọ́n á pa fóònù, wọ́n á di bọ́tìnì ìtanná àti ti ohùn mú pọ̀ títí ojú dúdú kan á fi yọ, wọ́n á wá yan Wipe data. Ọ̀nà yìí kì í béèrè píìnì kankan, òun sì ni olè máa ń lò. Nítorí náà, fóònù tí wọ́n bá fi bọ́tìnì rísẹ́ẹ̀tì, tí àkáǹtì ṣì wà nínú rẹ̀, á ti ara rẹ̀ pa. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fọkàn tán rísẹ́ẹ̀tì inú Settings nìkan náà. Ẹ fọwọ́ ara yín yọ àkáǹtì kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ̀dà ìpamọ́: ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí èèyàn rí bọ́tìnì Back up now lábẹ́ Google, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì gbà pé gbogbo nǹkan ti wà níbi tó láàbò. Ẹ̀dà yẹn máa ń kó ètò fóònù, orúkọ àwọn áàpù, àkọsílẹ̀ ìpè àti ọ̀rọ̀ SMS. Kì í kó ọ̀rọ̀ WhatsApp. Kì í kó fáìlì tí ẹ gbà wálẹ̀ sínú fódà Download. Àwòrán ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú Google Photos. Ohun mẹ́rin ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà àwọn èèyàn. Nọ́ńbà kan lè wà nínú àkáǹtì Google, ó lè wà nínú fóònù nìkan, ó sì lè wà lórí síìmù. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ń hàn sí nínú Contacts, ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í tètè mọ̀. Ẹ lo kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn láti ṣí contacts.google.com pẹ̀lú àkáǹtì kan náà, kí ẹ wá nọ́ńbà márùn-ún tí ẹ fi pamọ́ láìpẹ́ yìí. Bí ẹ ò bá rí ọ̀kan nínú wọn, inú fóònù tàbí orí síìmù nìkan ló wà. Ẹ padà sínú Contacts, kí ẹ fi áàpù náà kó àwọn nọ́ńbà inú fóònù lọ sínú àkáǹtì Google, kí ẹ wá tún wò ó lórí kọ̀ǹpútà.

Èkejì ni àwòrán àti fídíò. Nínú Google Photos, ẹ tẹ àwòrán ojú yín tó wà lókè. Bí ohun tó kọ síbẹ̀ bá jẹ́ Backup complete, gbogbo ohun tí ẹ ní kó gbé ti gòkè. Ẹ kíyè sí i pé "ohun tí ẹ ní kó gbé" la sọ. Àwòrán tí kámẹ́rà yà nìkan ló máa ń gbé fúnra rẹ̀. Àwọn fódà yòókù, irú bí èyí tí WhatsApp ń kó àwòrán sí, kò ní gbé wọn àfi bí ẹ bá wọ Back up device folders, tí ẹ sì tan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ̀kẹta ni WhatsApp. Ẹ wọ Settings, Chats, Chat backup, kí ẹ wo àkáǹtì Google tó kọ síbẹ̀, torí pé òun gan-an lẹ gbọ́dọ̀ fi sórí fóònù tuntun. Ẹ wo bóyá fídíò wà lára ohun tó ń gbé, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Back up, kí ẹ sì dúró títí ọjọ́ àti àkókò tó wà lókè á fi di ti ìsinsìnyí. Bí ẹ bá rí i pé end-to-end encrypted backup wà ní títàn, ẹ rí i dájú pé ẹ rántí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ tàbí kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 64 tó fún yín. WhatsApp fúnra wọn ò lè ṣí i fún yín bí ó bá sọ nù. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù náà padà lórí fóònù àtijọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yín ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń ti iPhone lọ sí Android, tàbí tó ń ti Android lọ sí iPhone, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀dà inú iCloud, ibi ìpamọ́ Apple lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ṣeé ṣí lórí Android, ẹ̀dà inú Google náà ò sì ṣeé ṣí lórí iPhone. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti fóònù sí fóònù nígbà tí méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ló máa ń dun èèyàn jù, torí pé kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀: áàpù tó ń pèsè nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ fi ń wọ àkáǹtì, irú bíi Google Authenticator. Bí ẹ bá rísẹ́ẹ̀tì fóònù láìkó àwọn nọ́ńbà yẹn kúrò, ẹ lè tì ara yín síta. Nínú áàpù náà, ẹ yan Transfer accounts, kí ẹ yan Export accounts, kí ẹ sì fi fóònù tuntun ya àmì tó bá yọ. Bí àkáǹtì Google yín bá ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sórí fóònù yìí kí ẹ tó lè wọlé, ẹ lọ sí ojú ìwé ààbò àkáǹtì yín, kí ẹ gba backup codes. Mẹ́wàá ni Google máa fún yín, nọ́ńbà mẹ́jọ-mẹ́jọ ni, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé. Áàpù báńkì náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí: ẹ tò ó sórí fóònù tuntun, kí ẹ sì rí i pé ó ṣí, kí ẹ tó pa ti àtijọ́ rẹ́, torí pé púpọ̀ nínú wọn máa ń so mọ́ fóònù kan pàtó.

Ẹ jẹ́ ká fi fóònù kan ṣe àpẹẹrẹ

Ká ní Samsung kan ló wà lọ́wọ́ yín, ibi ìkósí rẹ̀ jẹ́ 128 GB, mẹ́mórì káàdì 64 GB sì wà nínú rẹ̀. Àwòrán àti fídíò inú rẹ̀ tó 22 GB. Ọ̀rọ̀ WhatsApp jẹ́ 3 GB. Google ń fún èèyàn ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ímeèlì, Google Drive àti àwòrán ló jọ ń pín in, láti ọdún 2024 sì ni ẹ̀dà WhatsApp ti Android náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lára rẹ̀. Ká ní ímeèlì yín ti gba 9 GB. Ó ku 6. Bí WhatsApp bá gba 3, ó ku 3 péré, àwòrán 22 GB kò sì lè wọ inú 3. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé Google Photos á gbé díẹ̀, á dúró, á sì máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè ti tán. Tí ẹ bá wá lọ tan ẹ̀dà àwòrán kí ti WhatsApp tó parí, WhatsApp gan-an lè máà rí àyè mọ́.

Torí náà, nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí WhatsApp gòkè sí Google, kí ẹ sì fi okùn USB kó àwòrán sórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá so okùn pọ̀, kọ̀ǹpútà lè má rí ohunkóhun, torí pé iná nìkan ni fóònù ń gbà lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fa ojú fóònù wálẹ̀, kí ẹ tẹ ìkéde USB, kí ẹ yan ìfiránṣẹ́ fáìlì. Fódà tó ń jẹ́ DCIM lẹ máa kó, pẹ̀lú Pictures, Download, àti èyí tó wà ní ọ̀nà yìí, níbi tí àwòrán WhatsApp wà:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Media
```

Nígbà tó bá parí, ẹ ka iye fáìlì tó wà nínú DCIM lórí fóònù, kí ẹ ka ti orí kọ̀ǹpútà. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ti kọ̀ǹpútà bá dín, okùn já láàárín tàbí fóònù sùn lọ. Ẹ tún un kó, ẹ má kàn fojú díwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fídíò méjì tàbí mẹ́ta tó gùn níbẹ̀, torí pé fídíò tó wọlé láìpé á hàn bí ẹni pé ó wà, àmọ́ kò ní ṣeé wò dópin.

Ẹni tó ń lo iPhone ní ìrọ̀rùn kan níbí. Àyè ọ̀fẹ́ iCloud kò ju 5 GB lọ, ṣùgbọ́n láti iOS 15, bí ẹ bá wọ Settings, General, Transfer or Reset iPhone, ẹ máa rí Prepare for New iPhone. Bí àyè yín ò bá tó, Apple á yá yín ní àyè tó gba gbogbo ẹ̀dà yín fún ọjọ́ 21. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ gbọ́dọ̀ ti kó o sórí fóònù tuntun.

Ohun kan wà tó ń fi ẹ̀dà tó dára hàn: kí ẹ rí ohun inú rẹ̀ níbòmíràn. Bí fóònù tuntun bá ti wà lọ́wọ́, ẹ tò ó tán, kí ẹ ṣí WhatsApp lórí rẹ̀, kí ẹ rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ pẹ̀lú ojú yín, kí ẹ tó fọwọ́ kan rísẹ́ẹ̀tì lórí ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá lè ní sùúrù ọjọ́ méjì kan, kí fóònù méjèèjì wà lọ́wọ́ yín pọ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ yẹn lẹ máa rántí ohun tí ẹ gbàgbé.

Jíjáde nínú àkáǹtì, àti ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe

Ká tó sọ bí ẹ ṣe máa jáde, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa àwòrán àti nọ́ńbà rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí oníbàárà má bàa rí wọn. Ohun tó ń sọ àkáǹtì àti fóònù dọ̀kan ni pé ohun tí ẹ bá ṣe sí ọ̀kan máa ń dé ara èkejì. Nígbà tí ẹ ṣì wà nínú iCloud, nọ́ńbà tí ẹ bá pa rẹ́ lórí iPhone yìí á pa rẹ́ nínú iCloud, á sì pa rẹ́ lórí fóònù tuntun yín pẹ̀lú. Google Photos àti Contacts ti Google náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ké pé ẹ̀dà òun ti sọ nù, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa á rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbá fóònù mọ́. Ẹ fi iṣẹ́ píparẹ́ sílẹ̀ fún rísẹ́ẹ̀tì.

Lórí Android, ẹ wọ Settings, kí ẹ wá Passwords & accounts. Lórí Samsung, Accounts and backup lẹ máa rí, lẹ́yìn náà Manage accounts. Ẹ tẹ àkáǹtì Google, kí ẹ yan Remove account. Bí àkáǹtì bá ju ẹyọ kan lọ, gbogbo wọn lẹ máa yọ, torí pé èyíkéyìí tó bá ṣẹ́ kù lè ti fóònù pa. Ẹni tó ń lo Samsung ní àkáǹtì Samsung lọ́tọ̀, èèyàn sì máa ń gbàgbé rẹ̀ torí pé ọjọ́ tó ra fóònù ló ti fi í síbẹ̀. Orúkọ yín tó wà lókè pátápátá nínú Settings ni àmì rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lọ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ Sign out. Á béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ti gbàgbé rẹ̀, àkókò yìí ló dáa jù láti gba òmíràn, nígbà tí fóònù ṣì mọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù gba ìkíyèsí díẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí páásíwọ́ọ̀dù Google yín padà, Google fúnra wọn sọ pé kí ẹ dúró fún wákàtí 24 kí ẹ tó rísẹ́ẹ̀tì fóònù. Ẹni tó gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù lówùúrọ̀ tó sì fẹ́ fi fóònù tọrẹ nírọ̀lẹ́ ni èyí máa ń ká mọ́. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Lórí iPhone, orúkọ yín tó wà lókè Settings náà lẹ máa tẹ̀, ẹ ó lọ sísàlẹ̀ títí dé Sign Out. Ó máa béèrè páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì Apple kó lè pa Find My, ètò tó ń wá iPhone tó bá sọ nù. Pípa Find My yìí gan-an ló ń tú Activation Lock. Bí Stolen Device Protection, àbò lọ́wọ́ olè tó bẹ̀rẹ̀ ní iOS 17.3, bá wà ní títàn, tí ẹ ò sì sí níbi tí fóònù ti máa ń rí yín, irú bí ilé tàbí ibi iṣẹ́, ó lè ní kí ẹ dúró fún wákàtí kan kó tó gbà. Ẹ ṣe é kí ẹ tó kúrò nílé, kó má di pé oníbàárà ń dúró tì yín. Bí aago Apple bá so mọ́ fóònù náà, ẹ kọ́kọ́ tú u kúrò nínú áàpù Watch, nígbà tí méjèèjì wà nítòsí ara wọn. Títú u báyìí ló ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, òun náà ló sì ń ṣí títì tó wà lára aago.

Rísẹ́ẹ̀tì

Ẹ yọ síìmù. Ẹ yọ mẹ́mórì káàdì, torí pé rísẹ́ẹ̀tì kì í sábà fọwọ́ kan ohun tó wà lórí rẹ̀. Àwòrán tí ẹ rò pé ó ti lọ lè wà níbẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí síìmù yín bá jẹ́ eSIM, ìyẹn èyí tí kò ní káàdì, ẹ kọ́kọ́ gbé nọ́ńbà náà lọ sórí fóònù tuntun, kí ẹ sì pè é wò. Rísẹ́ẹ̀tì máa bi yín bóyá kí òun pa eSIM rẹ́. Bí nọ́ńbà bá ti ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ẹ ní kó pa á rẹ́.

Ẹ gba iná sínú fóònù kó tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí kí ẹ fi ṣájà sí i, torí pé iṣẹ́ yìí lè tó wákàtí kan. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ọ̀nà rẹ̀ ni Settings, System, Reset options, lẹ́yìn náà Erase all data. Lórí Samsung, ó jẹ́ Settings, General management, Reset, Factory data reset. Àwọn mìíràn tó wà nítòsí rẹ̀, irú bíi Reset network settings, kì í pa fáìlì rẹ́, ẹ má tẹ wọ́n kí ẹ rò pé iṣẹ́ ti parí. Lórí iPhone, Settings, General, Transfer or Reset iPhone, Erase All Content and Settings ni. Iṣẹ́ yìí náà á béèrè páásíwọ́ọ̀dù Apple bí ẹ ò bá tíì jáde, á sì bá yín jáde. Ìdí nìyẹn tí jíjáde lórí iPhone fi ṣeé ṣe níbí pẹ̀lú, níwọ̀n bí ẹ bá ti ráyè tẹ páásíwọ́ọ̀dù náà.

Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù pé ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà lè hú fáìlì wọn jáde lẹ́yìn rísẹ́ẹ̀tì. Lórí fóònù ìwòyí, ìbẹ̀rù yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi pamọ́ sínú rẹ̀ ni fóònù máa ń dàrú kó tó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kọ́kọ́rọ́ tó fi ń tò ó padà. Rísẹ́ẹ̀tì ń pa kọ́kọ́rọ́ yẹn rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ rí ohun tó kù kà, ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ló máa rí. iPhone ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, gbogbo Android tuntun tó jáde pẹ̀lú Android 10 sókè sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Àwọn Android àtijọ́ ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá èyí tó ṣáájú Android 6.0. Ẹ wọ Settings, Security, kí ẹ wá Encrypt phone. Bí ó bá wà níbẹ̀ tí kò sì tíì ṣe é, ẹ jẹ́ kó ṣe é parí pẹ̀lú ṣájà lára rẹ̀, kí ẹ tó rísẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́

Ojú ìkíni tí fóònù tuntun fi ń kí èèyàn kò tó ẹ̀rí. Fóònù tó wà ní títì náà á kí yín káàbọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ yan èdè, kí ẹ so ó mọ́ Wáì-fáì, nítorí láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì títì náà kì í tètè fojú hàn, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí Android bá ní kí ẹ fi píìnì àtijọ́ tàbí àkáǹtì tó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́rìí, ó ṣì wà ní títì. Bí ó bá kàn ní kí ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google, tó sì jẹ́ kí ẹ fo ibẹ̀, ó ti mọ́. Lórí iPhone, ọ̀rọ̀ tó ń fi títì hàn ni iPhone Locked to Owner. Bí ó bá ti mọ́, ẹ má fi àkáǹtì yín wọ̀ ọ́ láti dán an wò. Ẹ pa á síbẹ̀, kí ẹ gbé e fún ẹni tó máa ni ín. Bí ẹni tó ń rà á bá wà níwájú yín, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tò ó dé ibi tí ó ti máa rí ojú fóònù kí owó tó yí ọwọ́.

Bí fóònù bá ti lọ, tí oníbàárà sì pè pé ó wà ní títì, ohun tí a sọ lókè nípa ibi tí ìrántí náà wà ló máa ràn yín lọ́wọ́. iPhone ṣeé tú láti òkèèrè. Ẹ wọ iCloud.com/find, ẹ yan fóònù náà, ẹ tẹ Erase bí ohun yín bá ṣì wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà Remove from Account. Kí oníbàárà pa fóònù kó tún un tàn, títì á ti kúrò.

Ti Android kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí pé inú fóònù ni àmì náà wà. Bí ẹ bá tilẹ̀ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ láti òkèèrè, títì á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má fi páásíwọ́ọ̀dù Google yín ránṣẹ́ sí oníbàárà, nítorí ímeèlì yín àti gbogbo àwòrán yín wà lẹ́yìn rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ojú tó ń béèrè ẹ̀rí yẹn máa ń gba píìnì tàbí àmì tí ẹ fi ń ṣí fóònù náà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn lẹ lè sọ fún un, bí ẹ ò bá lo irú píìnì bẹ́ẹ̀ fún báńkì tàbí fún fóònù tuntun yín, torí pé kò sí ohun yín kankan nínú fóònù náà mọ́ tí ó lè ṣí. Bí fóònù ò bá gba píìnì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ páásíwọ́ọ̀dù sórí rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá wọlé, ẹ wọ Settings, ẹ yọ àkáǹtì kúrò, kí ẹ sì tún un rísẹ́ẹ̀tì láti inú Settings, kì í ṣe pẹ̀lú bọ́tìnì.